Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Bí A Ti Í Kọ Iṣẹ́ Tí A Fi Lọ̀ Wá, Tí Ìlẹ̀kùn Kò Fi Ní Tì

Ní àkókò òjò, nígbà tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ bá ń palẹ̀ mọ́ fún ìsinmi gígùn, ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ aládàáni máa ń wá olùkọ́ kiri fún oṣù Kẹsàn-án. Ìwé a máa dé bá olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ láti ibi tí kò tilẹ̀ rò. Nígbà mìíràn, iṣẹ́ náà dára, owó rẹ̀ sì tó, ṣùgbọ́n àkókò rẹ̀ kò wọ̀. Púpọ̀ nínú wa ni a ti kọ́ bí a ti í kọ ìwé láti wá iṣẹ́. A kò rí ẹni tí ó kọ́ wa bí a ti í kọ ìwé pé a kò lè gba iṣẹ́. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rere fi ń ṣe é bí ẹni tí ó jẹ gbèsè: wọn a dákẹ́, wọn a pa fóònù, wọn a ní kí ọmọ wí pé àwọn kò sí nílé. Ilé ẹ̀kọ́ tí ì bá tún pè wọ́n lẹ́yìn ọdún méjì a sì ti pa orúkọ wọn rẹ́ kúrò nínú ìwé. Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí ni bí ènìyàn ṣe lè sọ pé òun kò ní lè wá, tí àwọn tí ó pè é yóò sì tún fẹ́ láti pè é lọ́jọ́ mìíràn. Ti olùkọ́ ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí àwọn olùkọ́ pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ń ka ìwé yìí. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì àti akọ̀wé pẹ̀lú yóò rí ti wọn nínú rẹ̀.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo ìhà kejì, èyíinì ni ìhà àwọn tí ó fi iṣẹ́ lọni. Nígbà tí àwọn alábòójútó ilé ẹ̀kọ́ kan bá ti fọ̀rọ̀ wá àwọn tí ń wá iṣẹ́ lẹ́nu wò tán, wọn kì í mú orúkọ ẹyọ kan ṣoṣo jáde. Wọn a tò wọ́n: ti èkínní, ti èkejì, bóyá ti ẹ̀kẹta. Ẹni èkínní ni wọn ń kọ̀wé sí. Wọn kò tíì wí ohunkóhun fún ẹni èkejì, nítorí bí ti èkínní bá gbà, wọn yóò kọ̀wé sí i pé kò rí i gbà. Bí ti èkínní bá sì kọ̀, òun ni wọn yóò pè. Ẹni èkejì náà sì jókòó sílé rẹ̀, ó ń retí, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣeé ṣe kí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn ti fi iṣẹ́ lọ òun náà, tí wọ́n sì fún un ní ọjọ́ tí ó gbọ́dọ̀ dáhùn. Bí ẹni èkínní bá wá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dákẹ́ kí ó tó wí pé òun kò wá, wọn yóò pe ẹni èkejì, wọn yóò sì gbọ́ pé ó ti lọ síbòmíràn ní ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn. Nígbà náà ni wọn yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: ìkéde, ìwé kíkà, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ méjì péré kí àwọn ọmọ wọlé.

Nínú èrò tiwa, ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀ràn yìí dúró lé. Àwọn tí ń gbani síṣẹ́ kì í bínú púpọ̀ nítorí pé a kọ̀. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tí ó dára ni àwọn ẹlòmíràn yóò fẹ́. Ohun tí ó ń dùn wọ́n ni ọjọ́ tí a jẹ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹni tí ó kọ̀ ní ọjọ́ kẹta, tí ẹni èkejì sì ṣì wà nílẹ̀, ti ṣe wọ́n lóore. Wọn yóò rántí rẹ̀ bí ẹni tí ó bọ̀wọ̀ fún wọn. Ẹni tí ó kọ̀ ní ọjọ́ kejìlélógún, bí ìwé rẹ̀ tilẹ̀ dùn bí oyin, ti fi wọ́n sínú wàhálà.

Àwọn kan máa ń rò pé bí àwọn bá dákẹ́, ìdákẹ́ náà yóò sọ ọ̀rọ̀ fún àwọn. Ní ti òfin, òtítọ́ ni pé ìdákẹ́ kì í sábà so ènìyàn mọ́ àdéhùn. Ẹjọ́ kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1862, nínú èyí tí ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Felthouse fẹ́ ra ẹṣin lọ́wọ́ ọmọ arákùnrin rẹ̀. Ó kọ̀wé sí ọmọ náà pé bí òun kò bá gbọ́ nǹkan kan mọ́, òun ti ka ẹṣin náà sí ti òun. Ọmọ náà kò fèsì. Lẹ́yìn náà ni ẹni tí ń bá wọn ta ẹrù ní gbàǹjo ta ẹṣin náà fún ẹlòmíràn nípa àṣìṣe, Felthouse sì pè é lẹ́jọ́. Ilé ẹjọ́ wí pé ẹṣin náà kò tíì di tirẹ̀, nítorí ẹnikẹ́ni kò lè sọ ìdákẹ́ ẹlòmíràn di "mo gbà." Òfin àdéhùn tiwa ní Nàìjíríà ti inú irú òfin yìí wá. Nítorí náà, ẹni tí ó dákẹ́ kò sí nínú ewu pé wọn yóò fi tipátipá mú un lọ síbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ìdákẹ́ kò ti dè é, bẹ́ẹ̀ ni kò tú àwọn tí ń dúró dè é sílẹ̀. Ìlẹ̀kùn tí a fi ìdákẹ́ tì sì ṣòro láti kàn lẹ́ẹ̀kejì.

Kí a tó kọ iṣẹ́ kan, ó yẹ kí a mọ̀ dájú pé a fẹ́ kọ̀ ọ́. Nígbà púpọ̀, ohun kékeré kan ni ó ń dí wa lọ́wọ́, tí ìbéèrè kan ì bá ti mú kúrò: ìgbà tí a ó bẹ̀rẹ̀, ilé tí a ó gbé, bóyá wọ́n ń san owó ìfẹ̀yìntì sínú àkáǹtì olùkọ́ bí òfin ti wí. Ẹ béèrè. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ìbéèrè àti ìdúnàádúrà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọ iṣẹ́ láì mọ̀. Ní ọdún 1840, ọ̀gbẹ́ni Wrench fi oko rẹ̀ lọ ọ̀gbẹ́ni Hyde ní 1,000 pọ́ùn. Hyde ní 950 ni òun yóò san. Wrench kò gbà. Hyde wá yí padà, ó ní ó dára, òun yóò san 1,000 náà. Wrench ní òun kò tà mọ́. Ilé ẹjọ́ dá Wrench láre: ní ọjọ́ tí Hyde pe iye tirẹ̀ ni ó ti kọ ti àkọ́kọ́, ohun tí a sì ti kọ̀ kò sí nílẹ̀ mọ́ fún wa láti gbà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1880, nínú ẹjọ́ mìíràn tí ó jẹ mọ́ irin títà, ẹni tí ó fẹ́ rà fi wáyà béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń tà bóyá ó lè gbà kí a pín irin náà fún oṣù méjì. Ẹni tí ń tà ka èyí sí ìkọ̀sílẹ̀, ó sì ta irin rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi: ìbéèrè lásán ni wáyà náà, ohun tí ó fi lọni ṣì wà nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú un wá sí ọ̀rọ̀ tiwa. Bí olùkọ́ bá kọ̀wé pé, "Bí ẹ kò bá fi ilé kún un, n kò wá," ó ti pe iye tirẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, tí ó sì yí ọkàn padà, wọ́n lè wí pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ̀wé pé, "Kí n tó dáhùn, ẹ jọ̀wọ́, ǹjẹ́ ilé wà fún ẹni tí yóò di ipò yìí mú?" ohun tí wọ́n fi lọ̀ ọ́ ṣì wà níbi tí ó wà. A mọ̀ pé ilé ẹ̀kọ́ púpọ̀ kò ní fi òfin mú ènìyàn bẹ́ẹ̀. Wọn yóò máa bá a sọ̀rọ̀ lọ. Síbẹ̀, ó dára kí ènìyàn mọ ìgbà tí òun fi ẹnu ara òun sọ pé "rárá." Ohun kan ṣoṣo ni a ó fi kún èyí: ẹ má ṣe fi ìbéèrè ra àkókò nígbà tí ẹ ti pinnu lọ́kàn yín pé ẹ kò lọ. Ẹni tí ó béèrè ohun mẹ́fà, tí a dá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lóhùn, tí ó sì wá kọ̀ nítorí ohun keje tí kò dárúkọ rí, kò ní tún rí ẹni dá a lóhùn nígbà mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí a wá tẹ̀lé ọ̀ràn kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí a sọ pé olùkọ́ obìnrin kan wà ní Abẹ́òkúta tí ó ti ń kọ́ni ní kẹ́místírì fún ọdún mọ́kànlá. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Ìbàdàn fi ipò igbákejì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ lọ̀ ọ́. Ìwé wọn dé ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Keje. Wọ́n ní kí ó fèsì kí ó tó di ọjọ́ kẹrìndínlógún. Bàbá kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ àbẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ ni ó júwe rẹ̀ fún wọn. Iṣẹ́ náà wù ú. Ṣùgbọ́n àkọ́bí rẹ̀ yóò wọ kíláàsì ìkẹyìn ní oṣù Kẹsàn-án, yóò sì ṣe ìdánwò Wáẹ́ẹ̀kì. Àmì iṣẹ́ kíláàsì tí ilé ẹ̀kọ́ ọmọ náà ti ń kó jọ wà lọ́hùn-ún, àwọn ohun tí ó yàn láti kọ́ wà lọ́hùn-ún. Ìyá rẹ̀ kò sì fẹ́ mú un kúrò ní ọdún tí ó kẹ́yìn. Abẹ́òkúta sí Ìbàdàn kì í sì í ṣe ọ̀nà tí abiyamọ lè máa lọ kí ó sì máa bọ̀ lójoojúmọ́, kí ó tún jẹ́ igbákejì ọ̀gá tí ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kí agogo tó lù.

Ní ọjọ́ Ẹtì ni ó kọ ìbéèrè kan ránṣẹ́: ǹjẹ́ ipò náà lè dúró di ọdún ẹ̀kọ́ tí ń bọ̀? Ní ọjọ́ Ajé ni ìdáhùn dé, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, pé kò ṣeé ṣe. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kò lè dá nìkan ṣe é fún ọdún kan. Ní alẹ́ ọjọ́ Ajé náà, òun àti ọkọ rẹ̀ pinnu. Ó ṣì ku ọjọ́ mẹ́ta kí àkókò tí wọ́n dá tó pé. Kò dúró dè é.

Ta ni yóò kọ́kọ́ gbọ́? Ní ilẹ̀ wa, ẹni tí ó júweni kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó ti fi orúkọ ara rẹ̀ dúró fúnni. Bí ó bá jẹ́ pé láti ẹnu ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni yóò ti gbọ́ pé ọmọ tí òun mú wá ti kọ̀, ojú yóò tì í níwájú ẹni tí ó fẹ́ ṣe lóore, ẹnu rẹ̀ kò sì ní yá láti dárúkọ ẹni bẹ́ẹ̀ níbòmíràn. Ìlẹ̀kùn méjì ni a máa ń tì lẹ́ẹ̀kan náà báyìí, èyí tí ó wà lọ́wọ́ bàbá náà sì ni ó tóbi jù, nítorí kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni ó mọ̀. Nítorí náà, ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí ó tó pe ẹnikẹ́ni, bàbá náà ni ó kọ́kọ́ pè. "Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ kú àánú mi. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu mi kí ẹlòmíràn tó gbọ́." Ó sọ ìdí rẹ̀ fún un ní kúkúrú. Bàbá lè wí pé, "Kí ló dé tí o kò tètè sọ?" Ó sì lè wí pé kí ó tún rò ó wò. Kí ó gbọ́ títí Bàbá yóò fi sọ̀rọ̀ tán, kí ó má ṣe bá a jiyàn. Kí ó sì wí pé àwọn ti rò ó pẹ̀lú bàbá àwọn ọmọ, òun yóò sì pe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ lówùúrọ̀ yìí kan náà. Kò gbọ́dọ̀ sọ pé kí Bàbá bá òun sọ fún wọn. Ọ̀nà tí Bàbá là fún un láti wọlé, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò fi gbà jáde.

Ó pe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá, nígbà tí ìpéjọ òwúrọ̀ ti tú ká. Ìdí tí a fi ní kí ó pè kí ó tó kọ̀wé ni pé ìwé lè jókòó sínú ímeèlì fún ọjọ́ méjì kí a tó ṣí i, ẹni èkejì ọjọ́sí sì wà nílé tí ó ń retí. Ìpè náà kò yẹ kí ó ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. "Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ ṣeun fún èsì yín ti àná. Mo ti rò ó, n kò sì ní lè gba iṣẹ́ náà lọ́dún yìí. Mo ní kí n tètè sọ fún yín kí ẹ lè rí ẹlòmíràn pè. N óò fi ìwé ránṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú." Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ níbí ni kí ènìyàn fi ìkíni àti ìdúpẹ́ bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ títí ẹni tí ń gbọ́ kò fi ní mọ̀ bóyá ó gbà tàbí ó kọ̀. A mọ̀ pé ó ṣòro fún wa láti sọ "rárá" fún ẹni tí ó jù wá lọ; a ń wí pé "ẹ jẹ́ kí a ṣì máa wò ó ná," nígbà tí a ti wò ó tán. Bí ọ̀gá náà bá parí ọ̀rọ̀ tí ó ní, "Nígbà náà, a ó máa retí yín," kí ó mọ̀ pé òun kò tíì sọ ọ́, kí ó sì tún un sọ kí ó tó gbé fóònù sílẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ni ó fi ìwé ránṣẹ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a sábà máa fi ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú rẹ̀ nìyí ní Yorùbá:

"Sí Ọ̀gá Ilé Ẹ̀kọ́. Mo dúpẹ́ púpọ̀ fún ìwé yín ti ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Keje, nínú èyí tí ẹ fi ipò igbákejì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ lọ̀ mí. Gẹ́gẹ́ bí mo ti sọ fún yín lórí fóònù lónìí, n kò ní lè gba ipò náà ní ọdún ẹ̀kọ́ yìí.

"Ọmọ mi yóò wọ kíláàsì ìkẹyìn ní oṣù Kẹsàn-án, yóò sì ṣe ìdánwò rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. N kò fẹ́ yí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ padà ní ọdún yìí, n kò sì lè fi í sílẹ̀ níhìn-ín.

"Ẹ fún mi láyè láti jókòó nínú kíláàsì kẹ́místírì yín, kí n sì bá àwọn olùkọ́ ibẹ̀ sọ̀rọ̀ láìsí ẹni tí ó ṣọ́ mi. N kò gbàgbé rẹ̀. Ìdánwò ọmọ mi yóò parí ní oṣù Kẹfà ọdún tí ń bọ̀, lẹ́yìn èyí tí mo lè kó wá sí Ìbàdàn. Bí ẹ kò bá lòdì sí i, n óò kọ̀wé sí yín ní oṣù Kẹrin láti béèrè bóyá iṣẹ́ kan wà lọ́dọ̀ yín tí ó bá tèmi mu. N kò béèrè pé kí ẹ dá ipò kankan dúró dè mí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín àti lọ́wọ́ gbogbo àwọn alábòójútó."

Ìwé náà kúrú. Ìkọ̀sílẹ̀ náà wà nínú ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, níbi tí ojú kò lè fò ó. Ìdí rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, ó jẹ́ òótọ́, ó sì ní ọjọ́ tí yóò parí. Ọ̀rọ̀ kẹ́yìn yìí ni a fẹ́ kí ẹ dúró lé lórí. Nínú àwọn ìwé tí a ti rí, gbólóhùn tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé "nítorí àwọn ohun tí ó ju agbára mi lọ." Ó dún bí ọ̀rọ̀ ọ̀mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan. Ẹni tí ó kà á kò mọ̀ bóyá àìsàn ni, tàbí owó, tàbí pé a kò fẹ́ràn ilé ẹ̀kọ́ òun. Nígbà tí àyè mìíràn bá sì ṣí, kò lè mọ̀ bóyá ohun tí ó dí wa lọ́wọ́ ṣì wà níbẹ̀. Ìdí tí ó ní òpin ni ó ń fún wọn ní ìgbà tí wọ́n lè tún pè wá.

Kí ìdí náà jẹ́ ẹyọ kan. Bí a bá kọ ìdí mẹ́rin, ó máa ń dà bí ẹni pé a ń wá àwíjàre, bóyá kò sì sí èyí tí ó jẹ́ òótọ́ nínú wọn. Kí ó sì jẹ́ òótọ́, nítorí ayé àwọn olùkọ́ kò fẹ̀. Àwọn tí ń ṣe àmì ìdánwò Wáẹ́ẹ̀kì ń pàdé ara wọn lọ́dọọdún. Àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ń ṣe ìpàdé pọ̀. Ẹni tí ó wí pé ìyá òun ń ṣàìsàn, tí a sì rí i ní oṣù Kẹsàn-án ní ilé ẹ̀kọ́ mìíràn ní Ìbàdàn kan náà, kì yóò mọ ọjọ́ tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbi tábìlì ìmójútó ìwé ìdánwò.

Bí ìdí náà bá jẹ́ pé a ti gba iṣẹ́ mìíràn, kí a wí bẹ́ẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a má dárúkọ iye tí wọ́n ń san lọ́hùn-ún, nítorí iye owó nínú ìwé ìkọ̀sílẹ̀ a máa dà bí ìpè sí gbàǹjo. Bí ó bá jẹ́ owó tiwọn ni kò tó, a ti yẹ kí a ti béèrè nípa rẹ̀ kí a tó dé ibi ìkọ̀sílẹ̀. Bí wọ́n bá sì ti sọ pé ibẹ̀ ni agbára àwọn mọ, ó tó kí a kọ pé owó náà kò ní lè gbé ẹrù ilé wa ní àkókò yìí. A kò gbọ́dọ̀ wí pé ó kéré sí ẹni bíi tiwa.

Ibì kan wà tí a kò ní kí ẹnikẹ́ni fi ìlẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí. Bí àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ kan bá sọ fún wa ní kọ̀rọ̀ pé oṣù mẹ́ta ni wọn kò tíì gba owó, tàbí bí a bá béèrè fún ìwé àdéhùn tí wọ́n sì ní kí a kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ná, ìdúpẹ́ àti ìkọ̀sílẹ̀ tó. Ẹ má kọ pé "bóyá lọ́jọ́ iwájú" fún ibi tí ẹ kò fẹ́ rí mọ́. Wọ́n lè gbà á gbọ́, wọn yóò sì tún pè yín ní oṣù Kíní, nígbà náà ni ẹ ó tún ní láti wá irọ́ kejì. Ẹ kò sì nílò láti to àṣìṣe wọn sínú ìwé. Kò sí ẹni tí ó bi yín.

Ọ̀ràn mìíràn tí àwọn ènìyàn ń dà pọ̀ mọ́ èyí ni ti ẹni tí ó ti kọ̀wé pé òun gbà, tí ó sì wá yí ọkàn padà. Ìyẹn kì í ṣe kíkọ iṣẹ́ mọ́. Àdéhùn ti wà nílẹ̀, ó sì ń fẹ́ jáde kúrò nínú rẹ̀ ni. Kí ó ka ìwé tí ó fọwọ́ sí, kí ó wo iye ọjọ́ tí ó ní láti fún wọn kí ó tó lọ, kí ó sì lọ rí ọ̀gá náà lójúkojú bí ọ̀nà kò bá jìn jù. Ní irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀, ẹni èkejì ti gba ìwé pé kò rí iṣẹ́ náà gbà, ó sì ti wá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Nítorí náà ni ìpalára rẹ̀ fi pọ̀ ju ti ẹni tí ó kọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, àti nítorí náà ni a fi ní kí a lo gbogbo ọjọ́ méje náà bí a bá nílò wọn, dípò kí a fi ìkánjú gbà.

Báwo ni olùkọ́ wa ṣe lè mọ̀ bóyá ìlẹ̀kùn náà ṣí lóòótọ́? Èsì wọn ni yóò sọ fún un. Bí wọ́n bá kọ pé, "A ti rí ìwé yín, a dúpẹ́," ìwà ọmọlúàbí ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá kọ pé, "Ẹ rántí láti kọ̀wé ní oṣù Kẹrin," tàbí tí wọ́n bi í bóyá ó mọ ẹlòmíràn tí wọ́n lè pè, wọ́n ṣì kà á sí ẹni wọn. Bí wọ́n bá bi í bẹ́ẹ̀, kí ó kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ júwe, kí ó má sì júwe ẹni tí kò ní fẹ́ kí ó kọ́ ọmọ òun. Bí kò bá mọ ẹnikẹ́ni, kí ó sọ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ọjọ́ tí ó dá ni ohun tí ó kù. Ó yan oṣù Kẹrin nítorí pé nígbà náà ni ilé ẹ̀kọ́ aládàáni púpọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ wọn ta ni yóò padà wá àti ta ni kò ní padà. Ó ṣáájú ìkéde. Kí ó kọ ọ́ sínú kàlẹ́ńdà rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó fi ìwé àkọ́kọ́ ránṣẹ́, kí ó sì tọ́jú ẹ̀dà ìwé náà. Láàrin ìgbà náà, kò yẹ kí ó máa fi ìkíni dí wọn lọ́wọ́ lóṣooṣù. Ìkíni ọdún tuntun kan fún ọ̀gá náà tó, àti ìbẹ̀wò kan sọ́dọ̀ Bàbá tí ó júwe rẹ̀, ẹni tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ bí àyè bá ṣí.

Nígbà tí oṣù Kẹrin bá dé, ìwé rẹ̀ kò nílò ju ìlà mẹ́rin lọ: pé ó ṣe ìlérí láti kọ̀wé, pé ọmọ òun yóò parí ìdánwò ní oṣù Kẹfà, pé òun lè bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, àti ìbéèrè bóyá àyè wà. Ẹni èkejì ọjọ́sí lè ti wà ní ipò igbákejì ọ̀gá náà, tí ó sì ń ṣe é dáadáa. Nígbà náà, ó lè jẹ́ pé olórí ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì ni wọ́n ń wá. Ipò náà kéré sí ti èṣí. Bóyá kí ó gbà á tàbí kí ó má gbà á, òun àti ọkọ rẹ̀ ni yóò tún jókòó lé e lórí ní alẹ́. Bí ó bá sì jẹ́ "rárá" lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ó tún tètè pe Bàbá.